Alábòójútó kọ̀ǹpútà wa ti lọ, ó sì mọ páásíwọ́ọ̀dù gbogbo láptọ́ọ̀pù: kí ló yẹ ká pààrọ̀?

Òṣìṣẹ́ Bódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé iṣẹ́ aṣírò-owó kékeré ni tiwa, n'Ìbàdàn níbí. Láptọ́ọ̀pù 18 la ní, Ubuntu ló wà lórí gbogbo wọn, LUKS2 ni wọ́n sì fi ti dísìkì wọn. Ọ̀gbẹ́ni tó ń bójú tó ẹ̀rọ wa fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìparí oṣù tó kọjá. Kò sí ìjà kankan, ó rí iṣẹ́ tó sàn ju tiwa lọ ni. Ṣùgbọ́n òun ló fi páásíwọ́ọ̀dù kan náà sí ihò 0 lórí gbogbo ẹ̀rọ, olúkúlùkù òṣìṣẹ́ sì ní tirẹ̀ ní ihò 1. Ti ihò 0 yẹn la fi ń gba ara wa sílẹ̀ bí ẹnì kan bá gbàgbé tirẹ̀.

Èmi ni wọ́n wá gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ akáǹtáǹtì ni mí. Kí ni mo máa pààrọ̀ gan-an? Báwo la sì ṣe máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́ pàjáwìrì, kó má di pé gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá lọ la ó máa fọwọ́ kan gbogbo ẹ̀rọ?

Atúnrọṣe

Èyí ò le rárá. Fi páásíwọ́ọ̀dù tuntun sí i, kó o yọ ihò 0 kúrò:

```
sudo cryptsetup luksAddKey /dev/nvme0n1p3
sudo cryptsetup luksKillSlot /dev/nvme0n1p3 0
```

Páásíwọ́ọ̀dù tó mọ̀ ò ní ṣí nǹkan kan mọ́. Ó tán.

Ìyá Sáfà

Atúnrọṣe, o sọ òótọ́, ṣùgbọ́n o fi apá kan sílẹ̀. Páásíwọ́ọ̀dù kọ́ ló ń ti dísìkì. Kọ́kọ́rọ́ gidi kan wà tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tò ó, òun ló ń sọ gbogbo ohun tó wà lórí dísìkì di àdììtú. Ihò kọ̀ọ̀kan dà bí àpótí kékeré tí ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ gidi yẹn wà nínú rẹ̀, páásíwọ́ọ̀dù ló ń ṣí àpótí. Tó o bá fọ́ àpótí 0, kọ́kọ́rọ́ gidi ò yí padà. Òun náà ló ṣì wà nínú àpótí 1.

Ibi tí wàhálà wà nìyí: inú hẹ́dà, níwájú dísìkì, ni gbogbo àpótí wọ̀nyí wà, hẹ́dà sì ṣe é dà kọ. Àṣẹ `luksHeaderBackup` wà fún un, alábòójútó tó bá mọṣẹ́ a sì máa dà á kọ, torí bí hẹ́dà bá bàjẹ́, dísìkì ti lọ nìyẹn. Fáìlì bíi 16 MiB ni lórí LUKS2. Ẹni tó bá ní ẹ̀dà hẹ́dà àtijọ́, tó tún mọ páásíwọ́ọ̀dù àtijọ́, lè ṣí dísìkì náà bó bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kódà lẹ́yìn tí o ti pa ihò 0 rẹ́.

Nítorí náà, Òṣìṣẹ́ Bódìjà, kó o tó ṣe ohunkóhun, dá mi lóhùn ìbéèrè méjì. Àkọ́kọ́, ṣé ẹ̀dà hẹ́dà wà níbì kankan nílé iṣẹ́ yín? Wo sáfà, wo ibi tí ẹ ń pín fáìlì sí, wo fíláàṣì tó wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Ìkejì, ṣé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi Ubuntu sórí àwọn ẹ̀rọ yìí, àbí ẹ̀rọ kan ni wọ́n tò tí wọ́n sì da dísìkì rẹ̀ kọ sórí àwọn yòókù? Tẹ èyí lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kó o kọ èsì sílẹ̀:

```
sudo cryptsetup luksUUID /dev/nvme0n1p3
```

Bí ẹ̀rọ méjì bá mú èsì kan náà jáde, padà wá bá mi.

Gbajúmọ̀ Ṣàgámù

Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ tèmi náà fara jọ èyí. Láti àárọ̀ ni láptọ́ọ̀pù mi ti ń bèèrè nọ́ńbà 48 lọ́wọ́ mi, Windows ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá mi tún bọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣe ni. Ṣé ihò 0 ni kí èmi náà pa rẹ́?

Ìyá Sáfà

Rárá o, má pa nǹkan kan rẹ́! BitLocker ni tìrẹ. Ṣíìpù TPM tó wà lórí bọ́ọ̀dù ló ń fún un ní kọ́kọ́rọ́ láràárọ̀. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ bọ́ọ̀dù, ṣíìpù tó mọ̀ ti lọ, ìyẹn ló ṣe ń bèèrè kọ́kọ́rọ́ pàjáwìrì. Ojú ẹ̀rọ náà á fi àmì ìdánimọ̀ kọ́kọ́rọ́ hàn ọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ tìrẹ, lo fóònù wọ àkáǹtì Microsoft tó o fi tò ó, kó o wá kọ́kọ́rọ́ tí àmì rẹ̀ bá èyí mu. Bó bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́, ọ̀dọ̀ wọn ló wà.

Gbajúmọ̀ Ṣàgámù

Ti ilé iṣẹ́ ni mà. Wọ́n ní àwọn ò rí i.

Ará Òkè-Òkun

Mo mọ ohun tó máa ń fa irú èyí, torí ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Mánṣẹ́sítà, a ti rí i. Nínú Active Directory, ibi tí ilé iṣẹ́ tó ń lo Windows ń kọ orúkọ àwọn kọ̀ǹpútà wọn sí, abẹ́ orúkọ kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ pàjáwìrì sí. Bí ẹnì kan bá wá ń ṣe ìmọ́tótó, tó pa orúkọ kọ̀ǹpútà tí kò tíì yọjú láti oṣù mélòó kan rẹ́, kọ́kọ́rọ́ inú rẹ̀ bá a lọ. Bẹ́ẹ̀, inú àpótí ẹnì kan ni ẹ̀rọ náà wà, dísìkì rẹ̀ ṣì wà ní títì pa. Ní kí wọ́n wò ó bóyá wọ́n tan Recycle Bin ti Active Directory fúnra rẹ̀, wọ́n lè rí i gbà padà bí kò bá tíì pẹ́ jù.

Òṣìṣẹ́ Bódìjà

Ìyá Sáfà, ẹ ṣeun mà. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Mo rí fódà kan tí wọ́n pè ní `hdr` níbi tí a ń pín fáìlì sí, ẹ̀dà hẹ́dà ẹ̀rọ 18 ló wà níbẹ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ ló sì lè ṣí fódà náà. Ní ti UUID, 11 nínú wọn ló mú ohun kan náà jáde! Àwọn 7 tó kù yàtọ̀ síra. Àwọn 7 yẹn ni a rà lẹ́yìn.

Ẹ̀rọ 1 nínú àwọn 11 wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ wa tó ń lọ bá àwọn oníbàárà l'Abẹ́òkúta, kì í wá sí Ìbàdàn ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Ìyẹn náà ń kọ mí lóminú.

Atúnrọṣe

Kí ló burú nínú kí UUID bára mu? Orúkọ lásán kọ́ ni?

Ìyá Sáfà

Orúkọ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń tú àṣírí. UUID ò lè bára mu lórí ẹ̀rọ 11 àyàfi bí wọ́n bá da dísìkì kan kọ pẹ̀lú hẹ́dà rẹ̀. Bí wọ́n bá da hẹ́dà kọ, kọ́kọ́rọ́ gidi inú rẹ̀ bá a wá. Kí ó lè dá ọ lójú, tẹ `luksDump`, wá apá tó ń jẹ́ Digests nísàlẹ̀, kó o fi ti ẹ̀rọ méjì wéra. Bí Salt àti Digest bá jẹ́ ọ̀kan náà, kọ́kọ́rọ́ gidi kan ṣoṣo ló ń ti méjèèjì.

Wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Òṣìṣẹ́ tó bá ní àṣẹ sudo lórí láptọ́ọ̀pù tirẹ̀ lè fi páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀ ní ihò 1 yọ kọ́kọ́rọ́ gidi jáde, `luksDump --dump-volume-key` ló máa ṣe é. Kọ́kọ́rọ́ yẹn á ṣí dísìkì ẹni mẹ́wàá yòókù. Kò nílò páásíwọ́ọ̀dù wọn rárá. Ọ̀gbẹ́ni tó lọ yẹn nìkan kọ́ lọ̀rọ̀ kàn. Gbogbo ẹni tó ti lo ọ̀kan nínú àwọn 11 yẹn rí, títí kan àwọn tó ti lọ tipẹ́, wà nínú ìṣirò.

Ohun tí mo máa ṣe nìyí. Lórí àwọn 11 yẹn, títún dísìkì sọ di àdììtú pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ gidi tuntun, kò sí ọ̀nà àbùjá. Lórí àwọn 7, torí pé ẹ̀dà hẹ́dà wọn wà níta gbangba pẹ̀lú páásíwọ́ọ̀dù tí ẹni tó lọ mọ̀, èmi á tún wọn ṣe pẹ̀lú. Ká ní kò sí fódà `hdr` yẹn ni, tí ẹ sì gbọ́kàn lé ọ̀gbẹ́ni náà, ọ̀rọ̀ Atúnrọṣe ì bá tó fún àwọn 7.

Atúnrọṣe

Mo gbà. Ọ̀rọ̀ dísìkì tí wọ́n dà kọ yẹn ò wá sí mi lọ́kàn rárá.

Òṣìṣẹ́ Bódìjà

Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ tò ó fún mi bí mo ṣe máa ṣe ẹ̀rọ kan tán. Ẹ̀rù iná ń bà mí, ẹ mọ bí iná ṣe rí lọ́dọ̀ wa.

Ìyá Sáfà

Kọ́kọ́ da iṣẹ́ inú ẹ̀rọ náà kọ síbòmíràn, kó o sì ṣí ẹ̀dà náà wò. Lẹ́yìn ìyẹn, fi fíláàṣì Ubuntu tan ẹ̀rọ náà, kí dísìkì má baà wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ṣeé ṣe nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́, fíláàṣì ló fi ọkàn balẹ̀. Fi páásíwọ́ọ̀dù tuntun kan sí i, ó máa bọ́ sí ihò tó ṣófo, bóyá 2. Dán an wò kó o tó tẹ̀síwájú:

```
sudo cryptsetup luksAddKey /dev/nvme0n1p3
sudo cryptsetup open --test-passphrase --key-slot 2 /dev/nvme0n1p3
sudo cryptsetup reencrypt --key-slot 2 /dev/nvme0n1p3
```

Àṣẹ kẹta yẹn ló ṣe pàtàkì. Tó o bá dárúkọ ihò kan pẹ̀lú `--key-slot`, ihò yẹn nìkan ló máa ṣẹ́kù lẹ́yìn iṣẹ́, ó máa nu gbogbo àwọn yòókù. Ohun tá a fẹ́ gan-an nìyẹn: ihò 0 àti 1 á lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ ló máa pariwo pé òṣìṣẹ́ ò lè wọlé lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó bá tán, tẹ `luksDump`, torí nọ́ńbà ihò tó ṣẹ́kù lè má jẹ́ 2 mọ́. UUID ò ní yí padà, má jẹ́ kó bà ọ́ lẹ́rù. Digest ni kó o wò, ó gbọ́dọ̀ ti yàtọ̀ sí ti àwọn 10 yòókù.

Ní ti iná, láptọ́ọ̀pù ní bátìrì, kí bátìrì kún kó o tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá tiẹ̀ kú láàárín ọ̀nà, LUKS2 ń ṣe àkọsílẹ̀ ibi tó dé. Tan fíláàṣì padà, fún un ní àṣẹ yẹn pẹ̀lú `--resume-only`, á tẹ̀síwájú láti ibẹ̀. Gbogbo ara dísìkì ló ń kà tó sì ń kọ padà, kódà ibi tó ṣófo. Dísìkì 512 GB tó ń sáré bíi 100 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan á gbà tó wákàtí kan àbọ̀.

Nígbà tó bá parí, pa ẹ̀dà hẹ́dà àtijọ́ ẹ̀rọ yẹn rẹ́ níbi gbogbo. Ọ̀rọ̀ olè nìkan kọ́ ni o. Bí ẹnì kan bá fi ìwà rere dá hẹ́dà àtijọ́ padà sórí dísìkì tuntun lọ́dún tó ń bọ̀, kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ ló máa dá padà, ohun tó wà lórí dísìkì á sì di pàǹtírí. Mo ti rí ibi tó ti ṣẹlẹ̀.

Ará Òkè-Òkun

Ó dáa. Ní ti ìpamọ́, àbá mi ni ọ̀nà tí Adi Shamir gbé jáde ní 1979. Ẹ pín kọ́kọ́rọ́ sí mẹ́ta, fún ọ̀gá àgbà ní ọ̀kan, akọ̀wé ní ọ̀kan, ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ ní ọ̀kan, kó jẹ́ pé ẹni méjì ló máa pàdé kó tó ṣí. Ẹnì kan ṣoṣo ò ní lè ṣe é.

Ìyá Sáfà

Ọ̀nà tó dáa ni, ṣùgbọ́n kò rọrùn tó bó o ṣe sọ ọ́ yẹn. Bí ẹni tó ní ìpín kan bá lọ, tí ẹ sì tún àṣírí kan náà pín, ìpín àtijọ́ ọwọ́ rẹ̀ ò kú. Bó bá rí ìpín àtijọ́ kan sí i, ó ti ṣí i. Àyàfi kí ẹ pààrọ̀ àṣírí fúnra rẹ̀, ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí ẹni méjì bá sì pàdé, orí kọ̀ǹpútà kan ni wọ́n ti máa so ó pọ̀, ẹni tó ni kọ̀ǹpútà yẹn rí gbogbo rẹ̀.

Ará Òkè-Òkun

Òótọ́ ni ti ìpín àtijọ́. Ṣùgbọ́n ewu pé ẹnì kan á jókòó lálẹ́ kó máa ṣí gbogbo fáìlì fúnra rẹ̀ ń bẹ lójú mi ju ti ìpín àtijọ́ lọ.

Ìyá Sáfà

N kò bá ọ jiyàn lórí ìyẹn, kálukú ló mọ ibi tí ewu tirẹ̀ wà. Fún ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ 18, èmi fẹ́ ohun tí wọ́n á lè ṣe láìpe ẹnikẹ́ni. Kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ pàjáwìrì tirẹ̀, tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ lórí. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tó bá jáde, ẹ lo ètò `age`, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ gbangba ti ọ̀gá àgbà àti ti akọ̀wé ilé iṣẹ́, tó wà nínú `olugba.txt`, dì í:

```
sudo systemd-cryptenroll --recovery-key /dev/nvme0n1p3 \
  | age -R olugba.txt -o lp07.age
```

Òṣìṣẹ́ Bódìjà lè ṣe èyí fún gbogbo ẹ̀rọ, síbẹ̀ kò ní lè ṣí fáìlì `lp07.age` padà. Kọ́kọ́rọ́ àdáni tó ń ṣí i wà lọ́wọ́ àwọn méjì yẹn, ẹ̀dà wọn sì wà nínú fíláàṣì nínú sééfù. Má fi UUID sọ fáìlì lórúkọ, ìwọ náà ti rí ìdí. Nọ́ńbà tó wà lábẹ́ láptọ́ọ̀pù ni kó o lò. Kó o sì yíjú kúrò lójú ẹ̀rọ nígbà tó bá ń ṣe é, torí ó lè ya kọ́kọ́rọ́ náà sójú ẹ̀rọ bí àwòrán.

Kọ́kọ́rọ́ náà jẹ́ lẹ́tà 64, ọ̀wọ́ 8 tí dáàṣì wà láàárín wọn. Lórí Ubuntu, tẹ àwọn dáàṣì pẹ̀lú nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tàn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè kọ̀. Lẹ́tà tí wọ́n yàn kì í sábà ṣípò láti kíbọ́ọ̀dù kan sí èkejì.

Òṣìṣẹ́ Bódìjà

Tí ẹnì kan bá wá lọ ńkọ́ mà?

Ìyá Sáfà

Ó dá lórí ẹni tó lọ. Bí òṣìṣẹ́ lásán bá lọ, ẹ gba láptọ́ọ̀pù, ẹ pa ihò tirẹ̀ rẹ́. Bí ẹ̀rọ náà bá máa bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ tún un tò látòkè délẹ̀, kò gba ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ, kọ́kọ́rọ́ gidi tuntun á sì bá a wá. Bí ìwọ tó ń bójú tó ẹ̀rọ bá lọ, o kò mọ kọ́kọ́rọ́ kankan, àwọn tó o fojú rí nìkan ni wọ́n máa pààrọ̀. Ìdí nìyí tí ìwé kan fi gbọ́dọ̀ wà: ọjọ́ tí wọ́n ṣí fáìlì, ẹ̀rọ tó jẹ́, ẹni tó gbọ́ kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n bá ti kà sí òṣìṣẹ́ létí lórí fóònù ti parí iṣẹ́ rẹ̀, ẹ ṣẹ̀dá òmíràn lọ́sẹ̀ yẹn náà.

Tí ọ̀kan nínú àwọn méjì tó lè ṣí fáìlì bá lọ, iṣẹ́ pọ̀. Títún fáìlì dì láìsí orúkọ rẹ̀ ò tó, torí ó lè ti da èyí àtijọ́ kọ. Gbogbo kọ́kọ́rọ́ pàjáwìrì 18 ni ẹ máa pààrọ̀. Ẹ yan ẹni tí kò ní tètè lọ.

Ọmọ Ọ̀dítọ̀

Mo kàn ń kà á lọ ni. Ìwé tí Ìyá Sáfà sọ yẹn la máa ń bèèrè tá a bá wá yẹ ilé iṣẹ́ wò. Ohun kejì tá a máa ń bèèrè: ẹ mú ẹ̀rọ kan tá a yàn, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ inú ìpamọ́ ṣí i lójú wa. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń rí i pé fáìlì wà, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ inú rẹ̀ ti dísìkì tí wọ́n ti yọ kúrò ni.

Òṣìṣẹ́ Bódìjà

Mo ti ṣe méjì lónìí. Ìkínní gbà tó wákàtí méjì, Digest rẹ̀ ti yàtọ̀. Iná lọ láàárín ìkejì, bátìrì gbé e débi tó parí. Ọ̀gá wa tẹ lẹ́tà 64 yẹn fúnra rẹ̀ lójú mi, ó ní kí n má tún pe òun fún irú ẹ̀ mọ́.

Ó ku ti Abẹ́òkúta. Kò ní dé títí di ìparí oṣù, bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́rọ́ kan náà ni tirẹ̀ àti ti àwọn tí mi ò tíì fọwọ́ kàn. Mo lè bá a wọlé láti ibí nípasẹ̀ ssh.

Ìyá Sáfà

Pa ihò 0 rẹ́ lórí rẹ̀ lálẹ́ yìí, ìyẹn ṣeé ṣe láti ọ̀nà jíjìn. Kọ́kọ́ rí i dájú pé òṣìṣẹ́ náà rántí tirẹ̀ ní ihò 1, kó má baà di pé ihò kan ṣoṣo tó kù ni ẹnikẹ́ni ò mọ. Ṣẹ̀dá kọ́kọ́rọ́ pàjáwìrì sí i pẹ̀lú. Má tún un sọ di àdììtú láti ọ̀nà jíjìn o, jẹ́ kó dé.

Atúnrọṣe

Èmi á ní kó wọ mọ́tò wá lọ́la. Abẹ́òkúta sí Ìbàdàn ò jìnnà, ìwé àwọn oníbàárà ló sì wà lórí ẹ̀rọ yẹn.

Òṣìṣẹ́ Bódìjà

Mo ti pè é. Ọjọ́bọ̀ ló ní òun máa wá, ó sì ti ń bèèrè ẹni tó máa san owó mọ́tò.